Òjò tó rọ̀ nínú ọyẹ́: bí déètì ṣe ń di nọ́ḿbà, tí ọjọ́ àti oṣù sì ń gba ipò ara wọn

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá ọdún 2023, òjò mìlímítà 46 rọ̀ ní abúlé kan nítòsí Ìbàdàn. Ohun tí gíráàfù mi sọ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ilẹ̀ wa ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́ á ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Eruku la máa ń rí lásìkò yẹn, ètè la sì máa ń fi òróró pa. Mìlímítà 46 kì í sì í ṣe ìrì o. Òjò tó ń mú kí gọ́tà kún àkúnya ni.

Èmi ò rí i. Iṣẹ́ mi dá lórí ìgbà tí òjò ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún, nítorí náà oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ni ojú mi wà. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló fi ìka tẹ ọ̀pá gíga kan ní apá ọ̀tún gíráàfù náà, ó ní, "Kí lèyí?" Mo ní, "Òjò ni, sà." Ó wò mí. Ó ní kí n lọ bi ẹni tó wọn òjò náà.

Mo pe Bàbá tó ń wo òṣùwọ̀n òjò níbẹ̀. Mo kí wọn, mo bi wọ́n bóyá òjò ńlá kan rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Oṣù kejìlá kẹ̀? Ọmọ mi, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ìwé yẹn. Òdo ni mo kọ jálẹ̀ oṣù náà. Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ni òjò yẹn rọ̀, ọjọ́ tí ìjì gbé páànù iléèwé lọ."

Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Ṣé ẹ ti rí i?

Ẹ jẹ́ ká tọ ipasẹ̀ fáìlì náà. Bàbá ń kọ déètì sínú ìwé bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa ní iléèwé: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ohun tí wọ́n kọ ni 12/04/2023. Ọmọ kan tẹ gbogbo rẹ̀ sórí fóònù, ó sì tọ́jú rẹ̀ bíi fáìlì CSV. Fáìlì CSV kò ní déètì kankan nínú. Ìlà ọ̀rọ̀ lásán ni, tí kọ́mà pín sí wẹ́wẹ́. Títí dé ibí yìí, kò sí àṣìṣe kankan.

Ẹlòmíì wá fi máòsì tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì lórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, Excel sì ṣí i. Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, kò sì sẹ́ni tó yí ètò rẹ̀ padà látìgbà tí wọ́n ti rà á. Ó tọ́jú fáìlì náà bíi xlsx, ó fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Àárín ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì yẹn sí ìgbà tó tọ́jú ẹ̀ ni òjò Bàbá ti fò láti oṣù kẹrin lọ sí oṣù kejìlá.

Tí Excel bá ń ṣí CSV lọ́nà yìí, ó máa ń wo àpótí kọ̀ọ̀kan, á wá gbìyànjú láti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Tó bá rí ohun tó jọ déètì, á sọ ọ́ di déètì, kò ní bi yín léèrè. Kì í wo inú fáìlì láti mọ èyí tó jẹ́ ọjọ́ àti èyí tó jẹ́ oṣù. Ètò Windows tí wọ́n ń pè ní Region ló máa ń wò. Tí ibẹ̀ bá jẹ́ English (Nigeria) tàbí English (United Kingdom), ọjọ́ ló ń ṣáájú. Tó bá jẹ́ English (United States), oṣù ló ń ṣáájú. (Bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu náà nìyẹn, wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ oṣù. Àwa ń sọ pé ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, ìdí nìyẹn tí tiwọn fi máa ń dà bí ẹni ń rìn sẹ́yìn létí mi.) Nítorí náà, 12/04/2023 di ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá lórí láptọ́ọ̀pù yẹn.

13/04/2023 wá ńkọ́? Kò sí oṣù kẹtàlá. Ẹ lè rò pé á jẹ́ kí Excel fura pé òun ti ṣi gbogbo rẹ̀ kà, ṣùgbọ́n kì í ro bẹ́ẹ̀. Àpótí kọ̀ọ̀kan ló ń dá wò. Èyí tí kò bá lè sọ di déètì, á fi sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ohun tí a ní lọ́wọ́ báyìí ni òpó kan tó ní oríṣi nǹkan méjì: àwọn ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejìlá oṣù kọ̀ọ̀kan ti di déètì, àmọ́ déètì tí a yí sódì ni, àwọn ọjọ́ kẹtàlá sókè ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, wọ́n sì tọ̀nà.

Ẹni tó fi fáìlì náà ránṣẹ́ kò lè mọ̀. Láptọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà tó ṣi déètì kà náà ló tún ń fi í hàn, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà ṣe é. Ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá á hàn níbẹ̀ bíi 12/4/2023. Ẹ wò ó, ohun tí Bàbá kọ gan-an ló jọ! Òdo kan ṣoṣo tó sọnù níwájú 4 ni àmì tó wà níbẹ̀, àti pé déètì tòótọ́ máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí, ọ̀rọ̀ lásán sì máa ń fara ti apá òsì. Ta ló ń ṣọ́ irú ìyẹn?

Àwọn nọ́ḿbà àjèjì

Èmi ò tiẹ̀ ṣí fáìlì náà ní Excel. Inú R ni mo ti kà á pẹ̀lú `read_excel`, ohun tí mo sì rí nínú òpó déètì nìyí, láti ìlà àkọ́kọ́:

```
44927
44958
44986
45017
45047
...
45261
13/01/2023
14/01/2023
```

Mo ro pé fáìlì ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Nọ́ḿbà yẹn gan-an ni déètì lójú Excel. Excel kì í tọ́jú ọjọ́, oṣù àti ọdún. Iye ọjọ́ tó ti kọjá ló ń kà. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900 ni ó pè ní 1, ọjọ́ kejì jẹ́ 2, ó sì ń kà lọ bẹ́ẹ̀ títí tó fi dé 44927, tó jẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Ọgbọ́n gidi ló wà níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ iye ọjọ́ tó wà láàárín òjò méjì, ẹ kàn yọ ọ̀kan kúrò nínú ìkejì. Aago náà ní ipò tirẹ̀: 44927.5 ni ọ̀sán gangan, agogo méjìlá, lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí a ń rí lójú, bíi 1/1/2023, aṣọ lásán ni Excel wọ̀ fún nọ́ḿbà náà. Nígbà tí R rí déètì àti ọ̀rọ̀ nínú òpó kan náà, ó sọ gbogbo wọn di ọ̀rọ̀, ó bọ́ aṣọ kúrò, nọ́ḿbà sì wà níhòòhò.

Láti dá nọ́ḿbà padà sí déètì, èèyàn ní láti mọ ibi tí kíkà ti bẹ̀rẹ̀. Níbí yìí, mo kọ́kọ́ lo 1900-01-01, 44927 sì fún mi ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní. Ó fi ọjọ́ méjì yẹ̀. Ọjọ́ kan nínú rẹ̀ rọrùn láti yé: Excel bẹ̀rẹ̀ láti orí 1, kì í ṣe láti orí òdo. Ọjọ́ kejì ni ìtàn wà nínú ẹ̀. Lójú Excel, nọ́ḿbà 60 jẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1900. Kò sí ọjọ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé. Ọdún tó bá parí sí òdo méjì kì í ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n nínú oṣù kejì, àfi tí a bá lè fi 400 pín in dọ́gba. 2000 ní in, 1900 kò ní in. Lotus 1-2-3 ló kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe yìí. Òun ni gbogbo ayé ń lò kí Excel tó dé, Microsoft sì mọ̀ọ́mọ̀ da àṣìṣe náà kọ kí fáìlì Lotus lè ṣiṣẹ́ láìsí ìyàtọ̀. Ó wà níbẹ̀ títí dòní. Nítorí ọjọ́ méjì yìí, ibi tí a ń ti bẹ̀rẹ̀ kíkà fún déètì òde òní ni ọgbọ̀njọ́ oṣù kejìlá ọdún 1899:

```r
as.Date(44927, origin = "1899-12-30")
# "2023-01-01"
```

Tí gbogbo déètì yín bá fi ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ kan yẹ̀, ìyẹn ọjọ́ 1462, ọ̀ràn mìíì nìyẹn. Fáìlì tí wọ́n ṣe lórí Mac àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọdún 1904. Ẹ fi 1462 kún nọ́ḿbà náà, ó ti bùṣe.

Ibi tí mo ti ṣìnà

Mo yí àwọn nọ́ḿbà padà pẹ̀lú 1899-12-30. Mo ka àwọn ọ̀rọ̀ tó kù bí ọjọ́/oṣù/ọdún. Mo wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, mo fi Ọlọ́run búra. Déètì 365 pé. Kò sí àlàfo. Kò sí ọjọ́ tó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn mi balẹ̀, mo tò wọ́n láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ìparí ọdún, mo ya gíráàfù.

Ìdí tí àyẹ̀wò yẹn fi tàn mí jẹ ni pé ńṣe ni àwọn ọjọ́ gba ipò ara wọn ní méjìméjì. Òjò ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin lọ sí ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá, òdo ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá sì wá jókòó sí ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin. Kò sí ipò tó ṣófo, nítorí ẹnì kan ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Oṣù kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ méjìlá tí Excel lè ṣì kà, oṣù sì jẹ́ méjìlá, ìyẹn jẹ́ 144. Nínú wọn, 12 wà tí ìyípadà kò lè pa lára, bíi 01/01, 02/02, 03/03. Tí a bá yọ wọ́n, 132 ló kù. Nínú ọjọ́ 365, 132 ló wà ní ipò tí kì í ṣe tiwọn, ó ju ìdá mẹ́ta ọdún lọ, síbẹ̀ kíkà iye wọn kò lè fi hàn.

Ohun tí èyí ṣe fún iṣẹ́ mi nìyí. Òfin tí mo lò ni pé òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí mìlímítà 20 ó kéré tán bá rọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, tí ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn kò sì tẹ̀ lé e. Nínú ìwé Bàbá, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ni ìyẹn ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú mìlímítà 27. Nínú fáìlì mi, òjò yẹn ti lọ sí ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá, nítorí náà ìṣirò mi mú ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló fi yẹ̀. Àgbẹ̀ tó bá fi irú àbájáde bẹ́ẹ̀ pinnu ìgbà tó máa gbin àgbàdo á ti pàdánù ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ nínú omi tó wà nílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ wo àwọn nọ́ḿbà tí mo kọ sókè. Ọjọ́ kan la ń wọn òjò tẹ̀ lé òmíràn, nítorí náà nọ́ḿbà kọ̀ọ̀kan yẹ kó fi ẹyọ kan ṣoṣo ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Láti 44927 sí 44958 jẹ́ 31. Láti ibẹ̀ sí 44986 jẹ́ 28. Lẹ́yìn náà, 31, lẹ́yìn náà, 30. Iye ọjọ́ inú oṣù ni! Ìlà kejì, tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní, ti di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì. Gbogbo ẹ̀rí náà wà níwájú mi látìgbà tí mo ti ṣí fáìlì, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́ nígbà tí mo tò wọ́n. Ẹ má ṣe to òpó déètì kí ẹ tó wò ó bó ṣe wá.

Tí fáìlì yín kì í bá ṣe ti ojoojúmọ́, bíi ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ aláìsàn ní ilé ìwòsàn, fífò yìí kò ní hàn kedere. Àmì méjì mìíì wà tó yẹ kí ẹ wò papọ̀. Àkọ́kọ́, ẹ yí àwọn nọ́ḿbà nìkan sí déètì, kí ẹ wo ọjọ́ inú oṣù: tí kò bá sí èyí tó kọjá 12 láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún déètì, kò lè jẹ́ èèṣì. Ìkejì, ẹ wo àwọn tó kù bí ọ̀rọ̀: tí gbogbo wọn bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13 sókè, ọ̀ràn ti parí, ìyípadà ti ṣẹlẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe

Yíyí ìrísí àpótí sí dd/mm/yyyy kò tún nǹkan kan ṣe. Aṣọ lẹ ń pààrọ̀, nọ́ḿbà inú rẹ̀ ṣì jẹ́ 45264, ìyẹn ọjọ́ kẹrin oṣù kejìlá. Yíyí Region láptọ́ọ̀pù padà lẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́jú fáìlì náà kò ṣe nǹkan kan bákan náà. Nọ́ḿbà tuntun la nílò. Tó bá jẹ́ Excel lẹ ń lò, tí déètì wà ní òpó A, ẹ kọ èyí sínú òpó mìíì:

```
=IF(ISNUMBER(A2),
 DATE(YEAR(A2),DAY(A2),MONTH(A2)),
 DATE(RIGHT(A2,4),MID(A2,4,2),LEFT(A2,2)))
```

Tí A2 bá jẹ́ nọ́ḿbà, ó mú ọjọ́ rẹ̀ sí ipò oṣù, ó mú oṣù rẹ̀ sí ipò ọjọ́. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀, bíi 13/04/2023, ó gé e bó ṣe wà. Òjò Bàbá wọlé pẹ̀lú 45264, ó jáde pẹ̀lú 45028, ìyẹn ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin. Ohun tí mo lò nínú R nìyí:

```r
n <- suppressWarnings(as.numeric(d$deeti))
k <- as.Date(n, origin = "1899-12-30")
k <- as.Date(format(k, "%Y-%d-%m"))
m <- is.na(n)
k[m] <- as.Date(d$deeti[m], format = "%d/%m/%Y")
all(diff(k) == 1)
```

Ìlà kẹta ló ń pààrọ̀ ipò ọjọ́ àti oṣù. Ìlà tó kẹ́yìn ń béèrè bóyá déètì kọ̀ọ̀kan fi ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú, láìtò wọ́n rárá. Nígbà tó dáhùn `TRUE`, mo dìde, mo lọ mu omi. Ẹ ṣọ́ra o: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ ṣe é. Tí ẹ bá tún ìlà kẹta ṣe lórí èyí tó ti dára, á yí i padà sí àṣìṣe, kò sì ní ké.

Ibì kan wà tí gbogbo èyí kò lè ràn yín lọ́wọ́. Tí apá kan fáìlì bá wá láti láptọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà, tí apá kejì wá láti èyí tí ètò rẹ̀ bá tiwa mu, tí wọ́n sì lẹ̀ wọ́n pọ̀, kò sí ohun tó wà nínú 45264 fúnra rẹ̀ tó lè sọ ibi tó ti wá. Àfi kí ẹ rí nǹkan mìíì dìrọ̀ mọ́: bí àwọn ìlà ṣe tò, orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀, tàbí ìwé àkọ́kọ́. Èyí ni mo fi ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n fi CSV gan-an ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n má ṣí i kí wọ́n tún tọ́jú ẹ̀. Tí Excel bá ti ṣí CSV tó sì tọ́jú ẹ̀ bíi xlsx, déètì tó yí sódì ló máa kọ sínú ẹ̀.

Tí CSV bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ má fi máòsì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ṣí Excel lófìfo, ẹ lọ sí Data, ẹ mú From Text/CSV, kí ẹ wá mú Do not detect data types. Gbogbo òpó á wọlé bí ọ̀rọ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá sọ ohun tí ó jẹ́. LibreOffice Calc tiẹ̀ dára jù níbí yìí lójú tèmi: tí ẹ bá ti fẹ́ ṣí CSV, á kọ́kọ́ gbé fèrèsé kan jáde, ẹ tẹ orí òpó déètì, kí ẹ mú Date (DMY).

Ní ti Bàbá, wọ́n ṣì ń kọ 12/04/2023 sínú ìwé wọn, mi ò sì ní sọ pé kí wọ́n yí i padà. Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ni mo bẹ̀. Ní báyìí, 2023-04-12 ló ń tẹ̀, ọdún níwájú, oṣù láàárín, ọjọ́ lẹ́yìn. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ yẹn ti ṣí ọ̀kan nínú fáìlì tuntun náà, òjò oṣù kẹrin sì wà ní oṣù kẹrin.